Nígbà Tí Ọmọ Bá Ti Juwọ́ Sílẹ̀: Ìdí Tí Ìṣirò Tó Rọrùn Kò Fi Tó

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Àbúrò mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 14. Ó mọ ìṣirò dáadáa tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó lo ọdún méjì lọ́dọ̀ olùkọ́ kan tó jẹ́ pé kò sí bó ṣe ṣe é, òdo ni. Olùkọ́ yẹn ti lọ, èyí tó wà níbẹ̀ báyìí sì dáa, síbẹ̀ bí ọmọ yìí bá ti rí ìṣirò, á ní 'mi ò lè ṣe é' kó tó kà á tán. Mo ń fún un ní èyí tó rọrùn kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ó ń gbà wọ́n, àmọ́ bí èyí tó le díẹ̀ bá ti dé, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló ń padà sí. Ṣé ọ̀lẹ ni? Kí ni mò ń ṣe tí kò tọ́?"

Ìdáhùn:

Rárá o, ọ̀lẹ kọ́. Ohun tí ẹ̀yin náà ń ṣe kò burú, àmọ́ ibi tí kò dun ọmọ náà lẹ ń fi oògùn sí. Ohun tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìdánilójú pé ohun tí òun bá ṣe ló ń pinnu ohun tí òun máa rí lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dọ̀ olùkọ́ yẹn, bó ṣe é dáadáa, òdo. Bó ṣe é ségesège, òdo. Bí kò tilẹ̀ ṣe é rárá, òdo kan náà. Ọmọ tó bá ní làákàyè á ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bó ṣe rí: kò sí ohun tí ọwọ́ mi lè yí padà níbí. Kò sì ṣì í kà nígbà yẹn. Olùkọ́ náà ló ti lọ, ohun tí ọmọ náà rí kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni kò tíì lọ.

Àwa tó ń kọ́ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá máa ń pe èyí ní àìlágbára tí èèyàn kọ́. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ síbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, torí pé inú àyẹ̀wò yẹn gan-an ni ìdáhùn ìbéèrè yín wà. Àyẹ̀wò náà kò dùn-ún gbọ́ létí, èmi náà kì í fẹ́ràn àtimáa ròyìn rẹ̀, àmọ́ kò sí bí a ṣe lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ní 1967, àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ méjì ní Yunifásítì Pennsylvania, Martin Seligman àti Steven Maier, pín ajá sí ọ̀nà mẹ́ta, mẹ́jọ-mẹ́jọ. Wọ́n so àwọn ajá ìpín kìíní rọ̀ sínú aṣọ tí kò jẹ́ kí wọ́n lè sá, wọ́n sì ń jẹ́ kí iná mànàmáná gbé wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ajá bá fi orí ti pátákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iná náà á dúró. Bí wọ́n ṣe so àwọn ajá ìpín kejì rọ̀ náà nìyẹn, iná tó ń gbé wọn sì pọ̀ bákan náà, àmọ́ bí tiwọn bá ti pátákó títí di ọ̀la, kò sí ohun tó máa yí padà. Bí ó bá ṣe pẹ́ tó kí àwọn ìpín kìíní tó dá tiwọn dúró, bẹ́ẹ̀ ni tiwọn náà ṣe ń pẹ́ tó kó tó dúró. Iná ò gbé àwọn ìpín kẹta rárá. Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan níbẹ̀: ìyà tí ìpín kìíní àti ìkejì jẹ dọ́gba, ìgbà 64 ni iná gbé wọn, ó sì pẹ́ lára wọn bákan náà. Ohun kan ṣoṣo tó fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ká a.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé gbogbo wọn lọ sínú àpótí ńlá kan tó ní yàrá méjì, pẹ̀lú ògiri kúkúrú láàárín. Iná tó ń tàn nínú rẹ̀ á kọ́kọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ilẹ̀ yàrá tí ajá wà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e. Ohun tó kù fún un ni pé kó fo ògiri náà sí òdìkejì, ìyà tán. Ìgbà mẹ́wàá ni wọ́n ṣe èyí fún ajá kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí iná ò gbé rí tètè mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń fi orí dá iná dúró náà tètè mọ̀ ọ́n. Àmọ́ nínú àwọn mẹ́jọ tí ọwọ́ wọn ò ká nǹkan kan lánàá, mẹ́fà ló kùnà, ó kéré tán, ìgbà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Wọ́n á sáré ká díẹ̀, wọ́n á hu, lẹ́yìn náà wọ́n á jókòó, wọ́n á sì máa fara gbà á.

Àwọn àgbà sọ pé ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Òótọ́ ni, ìbẹ̀rù nìyẹn. Èyí tí à ń sọ yìí yàtọ̀ sí i. Ejò gidi ló wà níwájú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀, àmọ́ kò sá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá gbọ́ ìtàn yìí ibí ni wọ́n ń dúró. Apá tó kan àbúrò yín jù lọ ṣì wà níwájú. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lára àwọn ajá tó ti juwọ́ sílẹ̀ wọ̀nyí á ṣèèṣì fo ògiri náà, á sì bọ́. Bó bá jẹ́ ajá mìíràn ni, ẹ̀ẹ̀kan yẹn ti tó o: tó bá tún di ìgbà mìíràn, á yára fò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ajá tiwa yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Bí iná bá tún dé, ó jókòó. Ó fojú ara rẹ̀ rí i pé fífò ń gbà á, kò sì kọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Àìlágbára tí a kọ́ kì í mú kí èèyàn dẹ́kun ìgbìyànjú nìkan; ó tún máa ń jẹ́ kí àṣeyọrí kọjá lójú ẹni láì fẹsẹ̀ tẹ nǹkan kan.

Bó ṣe rí lára àwọn ọmọ èèyàn náà nìyẹn. Carol Diener àti Carol Dweck fún àwọn ọmọ iléèwé ní àdìtú láti tú, wọ́n sì tò ó débi pé àwọn ọmọ náà yege nínú mẹ́jọ kí wọ́n tó kùnà nínú mẹ́rin tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, wọ́n bi wọ́n léèrè pé mélòó ni wọ́n rí gbà. Àwọn ọmọ tí ìjákulẹ̀ kì í tètè bì ṣubú rántí rẹ̀ bó ṣe rí. Àwọn tó máa ń tètè juwọ́ sílẹ̀ sọ pé èyí tí àwọn gbà kéré sí i, wọ́n sì fi kún èyí tí wọ́n kùnà. Ìkùnà mẹ́rin ti bo àṣeyọrí mẹ́jọ mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, ìṣirò tó rọrùn tí ẹ ń kó fún un ń wọlé, ó sì ń jáde. Ó ti ní àlàyé fún wọn nínú ara rẹ̀: "wọ́n rọrùn ni," tàbí "ẹ̀gbọ́n mi ló ṣàánú mi." Bí èyí tó le bá dé, ó ní àlàyé fún un náà: "mi ò mọ ìṣirò." Àlàyé àkọ́kọ́ ò fún un ní oríyìn kankan, èkejì sì di gbogbo ẹ̀bi rù ú. Bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n: nínú méjèèjì, ohun tí ó ṣe lórí ìwé kò ní ipa kankan.

Ọ̀nà wo wá ni wọ́n fi wo àwọn ajá yẹn sàn? Ní 1968, Seligman, Maier àti James Geer gbìyànjú ohun tí èmi àti ẹ̀yin náà máa kọ́kọ́ gbìyànjú. Wọ́n gbé ògiri àárín kúrò pátápátá, kí ó lè rọrùn. Wọ́n dúró sí òdìkejì, wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n ju oúnjẹ síbẹ̀. Kò sí èyí tó ṣiṣẹ́. Àwọn ajá náà ò dìde. Nígbẹ̀yìn, wọ́n so okùn mọ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sì ń wọ́ wọn kọjá sí òdìkejì nígbà tí iná bá dé, kí ara wọn lè pàdé ibi tí ìyà ti ń dópin. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀pọ̀ ìgbà ni. Níbẹ̀rẹ̀, agbára gidi ni wọ́n fi ń fà wọ́n. Nígbà tó yá, ìfà díẹ̀ ti tó. Lẹ́yìn náà, àwọn ajá náà ń lọ fúnra wọn, wọn ò sì padà sẹ́yìn mọ́.

Fífi nǹkan rọrùn kò tó, ìṣírí kò tó, ìlérí ohun rere kò tó. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni kí ẹsẹ̀ gbé ìgbésẹ̀, kí àbájáde sì tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, léraléra, títí ara á fi gbà pé èyí ló fa tọ̀hún.

Fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, àwa onímọ̀ gbà pé ṣe ni ẹranko kọ́ bí a ṣe ń jókòó tẹtẹrẹ. Ní 2016, Maier àti Seligman fúnra wọn kọ̀wé pé òdìkejì rẹ̀ ló jọ pé ó tọ̀nà. Bí ìyà bá pẹ́ lára ẹranko, jíjókòó síbì kan ni ohun tí ọpọlọ máa ń ṣe láìkọ́ ọ. Ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ tó máa ń tú kẹ́míkà kan jáde, sẹrotóníìnì, kẹ́míkà yìí á sì mú kí ẹranko dákẹ́ kó sì fara mọ́ ohun tó dé bá a. Ohun tí ẹ̀dá ní láti kọ́ ni pé ọwọ́ òun ká nǹkan. Apá kan níwájú ọpọlọ ló ń kíyè sí i pé "ohun tí mo ṣe yìí ló dá a dúró," òun ló sì ń sọ fún ìdìpọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn pé kó dẹwọ́.

Àyẹ̀wò tó mú èyí wá wà lára èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ. Lára eku ni wọ́n ti ṣe é, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní 2005. Iná ń gbé àwọn eku náà, wọ́n sì ní wíìlì kékeré tí wọ́n lè yí láti dá a dúró. Wọ́n fi oògùn pa apá iwájú ọpọlọ àwọn kan lára wọn lẹ́nu mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn eku yìí yí wíìlì náà bó ṣe yẹ, wọ́n dá iná dúró bíi ti àwọn yòókù, kò sí ìyàtọ̀ nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Àmọ́ lẹ́yìn náà, wọ́n hùwà bí eku tí ọwọ́ rẹ̀ ò ká nǹkan kan rí. Wọ́n ṣàṣeyọrí, ọpọlọ wọn ni kò forúkọ àṣeyọrí náà sílẹ̀ ní orúkọ wọn. Bí ẹ bá fi èyí sọ́kàn, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi ara yín pé kí ló dé tí ọmọ tó gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá lánàá fi ń sọ lónìí pé òun ò lè ṣe é.

Ní 1975 ni Carol Dweck gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ inú yàrá ìṣirò. Àwọn ọmọ méjìlá, láti ọmọ ọdún 8 sí 13, tí ìkùnà kékeré máa ń bà jẹ́ gidigidi, ló bá ṣiṣẹ́. Ó pín wọn sí méjì. Fún ọjọ́ 25, ìpín kìíní ń ṣe ohun tí ẹ ń ṣe pẹ̀lú àbúrò yín yìí gẹ́lẹ́: iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe, àṣeyọrí lójoojúmọ́, kò sí ìkùnà. Ìpín kejì ń yege lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ lójoojúmọ́ wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ fi èyí tó ju agbára wọn lọ díẹ̀ sí i ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta. Bí ọmọ náà bá kùnà nínú rẹ̀, olùdánilẹ́kọ̀ọ́ á sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé ìgbìyànjú rẹ̀ ni kò tíì tó, kì í ṣe pé kò lè ṣe é. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n dán gbogbo wọn wò. Àwọn tó ń jẹ àṣeyọrí nìkan ṣì ń ṣubú lulẹ̀ bí ìkùnà bá ti dé, bí wọ́n ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ àwọn ìpín kejì dúró. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ ń ṣe dáadáa sí i lẹ́yìn ìkùnà.

Ìdáhùn sí ohun tí ẹ béèrè nìyẹn. Ẹ ń dáàbò bò ó kúrò lọ́wọ́ ìkùnà, bẹ́ẹ̀ ìkùnà kékeré tó ní ìdí tó lè tún ṣe gan-an ni oògùn rẹ̀.

Bí mo bá wà nípò yín, bí màá ṣe ṣe é rè é. Màá fi ogún ìṣẹ́jú sí i lójúmọ́, kì í ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú ìṣirò márùn-ún. Mẹ́rin á jẹ́ èyí tó lè ṣe bó bá ronú díẹ̀, kì í ṣe èyí tó lè fi ojú dídì ṣe. Ìkan á ju ibi tó wà lọ ní ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo. Màá jẹ́ kó mú èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ ṣe fúnra rẹ̀, màá sì sọ fún un pé bó bá fẹ́ dúró nígbàkígbà, kó sọ, a ó dúró. Ẹ má bẹ̀rù pé á máa fi èyí sá. David Glass àti Jerome Singer ti dán irú rẹ̀ wò lára àgbàlagbà tí wọ́n fi sínú ariwo líle. Wọ́n fún àwọn kan ní bọ́tìnì tó lè pa ariwo náà, wọ́n sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ àfi bó bá di dandan. Ọ̀pọ̀ jù lọ ò tẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n fún wọn ní àdìtú líle lẹ́yìn ariwo náà, wọ́n forí tì í ju àwọn tí kò ní bọ́tìnì lọ dáadáa. Mímọ̀ pé ọ̀nà àtidúró wà lọ́wọ́ ẹni ti tó, kódà bí èèyàn ò bá lò ó.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìṣirò tó le díẹ̀ náà ni 3x − 7 = 20. Á ní òun ò lè ṣe é kó tó kà á tán, bí ẹ ṣe wí. Ẹ má bá a jiyàn. Ẹ má sọ pé "o mọ̀ ọ́n, ọlọ́gbọ́n ni ẹ́," torí ó ti ní ẹ̀rí tirẹ̀ tó fi ta ko yín. Ohun tí ẹ máa béèrè ò gbọdọ̀ ju kó kọ ìlà àkọ́kọ́: kí ó da ìṣirò náà kọ, kí ó sì sọ nǹkan kan ṣoṣo tó fẹ́ mú kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ x. Ìfà okùn nìyẹn. Bó bá nílò kí ẹ jùmọ̀ kọ ìlà náà ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ jùmọ̀ kọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ó wá kọ 3x = 20 − 7, ó rí 3x = 13, ó sì fi x sí 13/3. Ẹ má fi pẹ́ẹ̀nì pupa kàn án. Ohun tó ba ọmọ yìí jẹ́ ni pé ìdájọ́ wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, ìdájọ́ náà ò sì bá iṣẹ́ mu. Torí náà, ẹ gbé ìdájọ́ náà lé òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́: ẹ ní kó fi ìdáhùn rẹ̀ dípò x nínú ìṣirò àkọ́kọ́. Ìlọ́po mẹ́ta 13/3 jẹ́ 13. Yọ 7 kúrò, ó ku 6. Ohun tí a ń wá ni 20. Òun fúnra rẹ̀ ló máa rí i pé kò bára mu, kì í ṣe ẹ̀yin, kì í ṣe olùkọ́ kankan. Ìgbà yìí lẹ óò wá béèrè pé: "Ìlà wo ló ti yà bàrá?" Á rí i pé −7 ló gbé kọjá, kò sì yí àmì rẹ̀ padà. Á tún un ṣe: 3x = 27, x = 9. Á tún dán an wò: ìlọ́po mẹ́ta 9 jẹ́ 27, yọ 7, ó ku 20. Ó bára mu.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ gbólóhùn kan péré: "Àmì tí o yí padà lo fi rí i gbà." Kì í ṣe "o káre," kì í ṣe "ṣé o rí i pé o mọ̀ ọ́n?" Ẹ tọ́ka sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ọpọlọ tí kò forúkọ àṣeyọrí sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ ń bá a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn.

Ibì kan wà níbí tí mo ti yà díẹ̀ sí ohun tí Dweck ṣe ní 1975. Ó ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ìgbìyànjú wọn ò tó, ó sì ṣiṣẹ́, torí pé wọ́n ti mọ ìṣirò náà tẹ́lẹ̀. Àbúrò yín lo ọdún méjì láìkọ́ nǹkan gidi. Bó bá jẹ́ pé kò mọ ìdá lórí ìdá rárá, ẹ sì sọ fún un pé kó túbọ̀ gbìyànjú, á gbìyànjú, á kùnà, ẹ ó sì ti fún un ní ẹ̀rí tuntun pé ìgbìyànjú ò wúlò. Mo ti rí i kí òbí tó ní èrò rere fi gbólóhùn yẹn dá kún ọgbẹ́ ọmọ. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ ti já, ẹ dí i, kí ẹ tó máa sọ̀rọ̀ ìgbìyànjú. Èmi máa ń fẹ́ràn kí àlàyé ìkùnà jẹ́ ọ̀nà tí ọmọ náà gbà ṣe é, torí pé ọ̀nà ṣeé fi ìka tọ́ka sí lórí ìwé, ó sì ṣeé pààrọ̀.

Ẹ tún máa kíyè sí ibi tí ẹ ti ń ṣe é. Ní 1973, Dweck àti Dickon Reppucci jẹ́ kí olùkọ́ kan máa fún àwọn ọmọ ní ìṣòro tó ṣeé yanjú, kí òmíràn sì máa fún wọn ní èyí tí kò ṣeé yanjú. Nígbà tí olùkọ́ kejì yìí wá gbé èyí tó ṣeé yanjú jáde, àwọn kan lára àwọn ọmọ náà ò lè ṣe é, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ gan-an lọ́dọ̀ olùkọ́ kìíní. Ojú olùkọ́ náà ti tó láti pa iná ọpọlọ wọn. Fún àbúrò yín, ó lè jẹ́ irú ìwé tí olùkọ́ àtijọ́ ń lò, tàbí kíkọ ọ́ sójú pátákó níwájú kíláàsì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò jọ tọ̀hún, pẹ̀lú ìwé tuntun, lórí tábìlì mìíràn. Àmọ́ ẹ má fi í síbẹ̀ títí. Bí nǹkan bá ti ń lọ, ẹ mú irú ìwé àtijọ́ náà wọlé díẹ̀díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ́dọ̀ yín nìkan ni yóò ti mọ ìṣirò.

Ẹ má fi máàkì mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ó máa ń pẹ́ kí máàkì tó yí. Ẹ wo bó ṣe ń pẹ́ tó láàárín ìgbà tó rí ìṣirò àti ìgbà tí pẹ́ẹ̀nì rẹ̀ kan ìwé. Ẹ wo bó bá ń dán ìdáhùn rẹ̀ wò láìjẹ́ pé ẹ sọ fún un. Jù lọ, ẹ fetí sí ohun tó ń sọ lẹ́yìn ìkùnà. "Mi ò mọ ìṣirò" ń sọ nípa òun fúnra rẹ̀, nípa gbogbo ìṣirò, àti títí ayé. Ọ̀nà mẹ́ta yìí ni Lyn Abramson, Seligman àti John Teasdale fi ń wo àlàyé tí èèyàn ń ṣe nípa ìjákulẹ̀ láti 1978: ṣé èmi ni tàbí nǹkan míì, ṣé yóò kọjá tàbí kò ní kọjá, ṣé ibí nìkan ni tàbí ibi gbogbo. Bó bá di "mo tún gbàgbé àmì yẹn," àlàyé náà ti sún kì. Ó ṣì gbà pé òun lòun ṣe é, àmọ́ ibì kan ṣoṣo ni, ó sì ṣeé tún ṣe. Gbólóhùn yẹn ni kẹ́ ẹ máa dúró dè. Láàárín kan, ó lè ṣàtakò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó lè bínú sí yín pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fún un ní èyí tó le. Ìfà àkọ́kọ́ ló máa ń le jù.

Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní kí ẹ fi í sílẹ̀, pé á kúrò lára rẹ̀. Lára àwọn ajá yẹn, bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyà náà dé, tí wọ́n sì jẹ́ kí ọjọ́ méjì kọjá, àìlágbára náà máa ń pòórá fúnra rẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá ti tún un ṣe ní ọjọ́ bíi mélòó kan, kì í pòórá. Ọdún méjì jìnnà sí ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ má sì fi í wé ọmọ míì tó la ọwọ́ olùkọ́ kan náà kọjá tí nǹkan kan ò ṣe é. Nínú ọ̀pọ̀ ajá tí wọ́n lò fún irú àyẹ̀wò yìí, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kò juwọ́ sílẹ̀ rárá. Àwọn tó ti kọ́kọ́ rí i pé ọwọ́ àwọn ká nǹkan kí ìyà tí kò ní ọ̀nà àbáyọ tó dé, ó máa ń ṣòro kó tó bì wọ́n ṣubú. Ohun tí èèyàn ti ní rí ṣáájú ló máa ń dúró tì í nígbà bẹ́ẹ̀.

Nǹkan méjì ló kù tí ẹ ní láti yẹ̀ wò. Àkọ́kọ́ ni olùkọ́ tuntun yẹn. Ẹ ní ó dáa, mo gbà á gbọ́, àmọ́ ẹ wo ìwé ọmọ náà fúnra yín. Ṣé ó ń fún un ní máàkì fún ìlà tó tọ̀nà bí ìdáhùn ìkẹyìn bá tiẹ̀ ṣì? Ṣé ọmọ náà lè wo ìwé rẹ̀ kó sì mọ ìdí tó fi gba 4, tí kò gba 7? Bí kò bá lè mọ̀ ọ́n, ẹ lọ bá olùkọ́ náà sọ̀rọ̀, kí ó máa kọ ìdí kan ṣoṣo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tó ti ṣì. Ogún ìṣẹ́jú tiyín nílé ò lè borí odindi ọjọ́ tí iṣẹ́ àti èrè ò bára tan níléèwé.

Èkejì ni bó ṣe ń tàn kálẹ̀ sí. Bó bá ṣì ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣeré, tó ń jẹun, tó ń sùn, tó sì ń forí ti nǹkan míì tó bá le, ìṣirò ni ìṣòro rẹ̀, ohun tí mo kọ sókè yìí sì tó láti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ bí gbogbo nǹkan bá ti sú u fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí oorun tàbí oúnjẹ rẹ̀ yí padà, tó ń yẹra fún àwọn èèyàn rẹ̀, tàbí tó ń sọ pé òun ò wúlò fún nǹkan kan, ẹ gbé ìwé ìṣirò tì. Ìyẹn lè jẹ́ àìsàn ìsoríkọ́, dókítà ló sì yẹ kó rí i. Bó bá sọ ọ̀rọ̀ ikú nípa ara rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ mú un lọ, ẹ má sì fi òun nìkan sílẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀.